Ọmọ 64, Bọ́ọ̀lù Kan

Ní ọjọ́ Àlàrùbá kan, bí mo ti ń jáde kúrò ní ilé-ìwé, ìyá elélùbọ́ tí ń tajà lẹ́bàá ọgbà wa dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ mi ní ẹ ṣe eré ìdárayá lónìí. Mo bi í pé kí ni òun ṣe níbẹ̀, ó ní òun tò sórí ìlà. Mo ní, lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ó ní agogo lù."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀rín ni ó ń rín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé, nítorí òtítọ́ ni ọmọ náà sọ.

Kíláàsì kẹrin ni mò ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Ọmọ 64 ni ó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde ní 2004 ní kí olùkọ́ kan máa mójú tó ọmọ 35. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni a ní. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń pín wọn sí ìlà méjì, ọmọ 32 níhìn-ín, ọmọ 32 lọ́hùn-ún. Ìlà kan á gbé bọ́ọ̀lù, ìlà kejì á gbé dọ́sítà tí a fi ń nu pátákó, wọn á sì máa sáré lọ sí ìdí máńgòrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo mú bébà, mo ṣírò rẹ̀. Ọmọ kan ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 láti sáré lọ kí ó sì padà. Bí ọmọ 32 bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó di ìṣẹ́jú-àáyá 480, èyíinì ni pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ yóò kọjá kí ó tó tún kan ẹni àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 35 ni wọ́n fún wa. Bí a bá yọ márùn-ún tí a fi ń jáde, àti márùn-ún tí a fi ń ṣan ọwọ́ ẹsẹ̀ padà wọlé, ó ku 25. Ọmọ kọ̀ọ̀kan lè sáré lẹ́ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú-àáyá 45 lápapọ̀. Ìyókù, ìdúró ni. Àwọn tí wọ́n sì ń tì sẹ́yìn ìlà, tí agogo máa ń lù mọ́ lórí, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀.

Mo rò ó wò pé bí ọ̀gá wa bá tilẹ̀ ra bọ́ọ̀lù kejì ńkọ́? Kò ní yí nǹkan púpọ̀ padà. Gígùn ìlà ni ó ń jẹ àkókò wa. Bí ìlà bá jẹ́ ọmọ mẹ́rin, ìṣẹ́jú-àáyá 45 péré ni ọmọ yóò fi sinmi kí ó tó tún kàn án.

Mo wá pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ṣètò: jíju bọ́ọ̀lù àti híhán an, fífo okùn, súwè, àti sísáré. Mo ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ojúkò méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún pápá, ọ̀kan lápá òsì. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ń yí lápá ọ̀tún, mẹ́rin ń yí lápá òsì, wọn kì í pàdé ara wọn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n ń lò ní ojúkò kan, nítorí náà iṣẹ́ mẹ́rin gba 20. Mẹ́ta tó ṣáájú wà fún nína ara, méjì tó kẹ́yìn wà fún kíkó ẹrù. Eérú ni mo fi fa ìlà sílẹ̀. Okùn gígùn méjì àti bọ́ọ̀lù àkísà mẹ́jọ ni gbogbo ohun èlò tí ó gbà mí. Bọ́ọ̀lù ọ̀gá wa ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọmọ yín ṣe bọ́ọ̀lù àkísà nílé, ẹ ká àkísà le dáadáa títí yóò fi tó ọsàn, ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ wá gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tóóró tóóró, kí ẹ fi dè é lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹ má fi òkúta sí àárín rẹ̀ kí ó lè wúwo. Ojú ni yóò bà. Kì í ta bí bọ́ọ̀lù gidi, ṣùgbọ́n àǹfààní ni èyí fún wa, nítorí kì í yí lọ sí títì. Bọ́ọ̀lù mẹ́rin fún ọmọ mẹ́jọ túmọ̀ sí pé ọmọ méjì ní ọ̀kan, kò sí ẹni tí ó ń dúró.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kó gbogbo wọn jọ, mo ń ṣàlàyé iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì gbọ́ ohunkóhun. Nígbà tí mo fọn fèrè pé kí wọ́n pààrọ̀ ojúkò, wọ́n dà gììrì, ọmọ méjì fi orí gbá ara wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá àwọn olórí ẹgbẹ́ mẹ́jọ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. A ó ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú ara wa, àwọn ni yóò sì kọ́ ẹgbẹ́ wọn. Fèrè ẹ̀ẹ̀kan ni kí wọ́n dúró kí wọ́n gbé ohun ọwọ́ wọn sílẹ̀. Fèrè ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n rìn, kì í ṣe kí wọ́n sáré, lọ sí ojúkò tó kàn. Mo gbé ojúkò sísáré sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà sáré gba àárín àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù. Èmi pẹ̀lú kò dúró ní àárín pápá mọ́, nítorí ìdajì kíláàsì máa ń wà lẹ́yìn mi; igun kan ni mo ń dúró sí.

Àwọn ìyá, ọ̀rọ̀ kàn yín díẹ̀ o. Ẹ jọ̀wọ́, ní ọjọ́ eré ìdárayá, ẹ má fi píìnì de hìjáábù ọmọ. Ẹ rán èyí tí a lè bọ̀ lórí, kí ó kúrú tó láti wọ inú aṣọ ilé-ìwé, kí ẹ sì wọ ṣòkòtò fún un sábẹ́ síkáàtì. Ọmọbìnrin tí ẹ̀rù aṣọ kò bà ni ń fo okùn. Ní oṣù Ràmàdáànì, mo ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé eré wa sí òwúrọ̀, mo sì ń fi jíju bọ́ọ̀lù sínú àmì tí a yà sára ògiri rọ́pò sísáré, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbìyànjú ààwẹ̀.

Ètò yìí kò lè sọ ẹnikẹ́ni di agbábọ́ọ̀lù. Ariwo rẹ̀ pọ̀, olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ti fi ẹjọ́ mi sùn. Bí òjò bá sì ti wẹ eérú lọ, à ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo mú aago, mo ń fojú ṣọ́ ọmọ ìyá elélùbọ́ nìkan láìjẹ́ kí ó mọ̀. Nínú ìṣẹ́jú 25, ìṣẹ́jú 13 ni ara rẹ̀ fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo ti ń lọ sílé lọ́jọ́ náà, ìyá rẹ̀ tún dá mi dúró. Ó ní aṣọ ọmọ òun ti di pípọ́n fún erùpẹ̀, ta ni yóò fọ̀ ọ́? Lẹ́yìn náà ó gbé àpò èlùbọ́ kan tí ó ṣófo fún mi, pé kí n máa kó àwọn bọ́ọ̀lù àkísà sí i.