Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Fúnra Rẹ̀ Wá Òfin Gírámà Rí: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Darí Rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń sọ Yorùbá nílé kì í ṣi "Orí ń fọ́ mi" sọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣi "Ebi ń pa mí" sọ. Ohùn àárín ni yóò fi pe "mi" nínú ti àkọ́kọ́, ohùn òkè ni yóò fi pè é nínú èkejì, láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ gbólóhùn méjèèjì láìfi àmì sí i, kí ẹ gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì pé kó fi àmì ohùn sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò máa méfò. Ohun tí ẹnu wọn mọ̀, ọwọ́ wọn kò tíì mọ̀ ọ́n.

Olùkọ́ lè gba ọ̀nà méjì yanjú èyí. Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wa bá nílé ẹ̀kọ́ ni pé kí olùkọ́ kọ òfin sára pátákó lákọ̀ọ́kọ́: arọ́pò-orúkọ onísílébù kan tó bá ń ṣe iṣẹ́ àbọ̀ máa ń gba ohùn àárín lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn òkè, ó sì máa ń gba ohùn òkè lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn àárín tàbí olóhùn ìsàlẹ̀. Àwọn ọmọ á dà á kọ, olùkọ́ á fún wọn ní àpẹẹrẹ, iṣẹ́ á parí. Ọ̀nà kejì ni pé kí olùkọ́ kó gbólóhùn tó ti fara balẹ̀ ṣà síwájú wọn, kó máa bi wọ́n ní ìbéèrè títí wọn yóò fi rí òfin náà fúnra wọn, kó tó wá fún un ní orúkọ. Èyí ni à ń pè ní ìwárí pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà. Ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí ẹ sì ń múra láti lọ ṣe ìdánrawò nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìtọ́sọ́nà yẹn ló gbé gbogbo iṣẹ́ náà dúró. Ní 1961, Jerome Bruner, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó gbé ìwárí ga gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan gbà á sí pé kí olùkọ́ kàn jókòó, kí ọmọ máa wá ọ̀nà ara rẹ̀ kiri. Ní 2011, Louis Alfieri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 164 jọ láti wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí já sí. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá fi ọmọ sílẹ̀ láti dá wá ìmọ̀ rí, kò mọ̀ tó ẹni tí wọ́n là á yé ní tààrà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ìwárí, tí olùkọ́ sì ń tọ́ ọ sọ́nà, máa ń ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi ọ̀nà mìíràn kọ́ lọ. Ẹni tó bá da àkójọ gbólóhùn sílẹ̀ fún kíláàsì, tó wá ń wo fèrèsé, kò ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú òfin arọ́pò-orúkọ yẹn gan-an ṣe iṣẹ́. Gbólóhùn mẹ́fà ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn, àfi èyí tó kẹ́yìn. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ìyẹn, kí àwọn ọmọ mọ̀ pé àwọn ni yóò fi àmì tirẹ̀ sí i:

Orí ń fọ́ mi.
Ẹ̀rù ń bà mi.
Ebi ń pa mi.
Òtútù ń mú mi.
Oorun ń kùn mi.
Òùngbẹ ń gbẹ mi.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì jẹ́ olóhùn òkè, méjì jẹ́ olóhùn àárín, méjì jẹ́ olóhùn ìsàlẹ̀, a sì dà wọ́n pọ̀ kí ètò wọn má baà tú àṣírí. Ohun tí a kò fi síbẹ̀ ṣe pàtàkì bí ohun tí a fi síbẹ̀. A kò lo ọ̀rọ̀-orúkọ gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ rárá, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń yí ohùn ara rẹ̀ padà síwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: "Bàbá pè mí" ni à ń sọ, ṣùgbọ́n "Bàbá pe Adé". Tí ọmọ bá rí méjèèjì lórí pátákó kan náà, ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò máa lé kiri. A kò lo "fẹ́ràn" àti "rántí", nítorí "Ó fẹ́ràn mi" ni à ń sọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Arọ́pò-orúkọ irú mìíràn ló ń tẹ̀lé àwọn wọ̀nyẹn; ẹ wo "Ó fẹ́ràn rẹ̀", níbi tí "pè" ti ní "Ó pè é". Arọ́pò-orúkọ ẹnì kẹta ẹlẹ́yọ náà sì máa dúró ná, torí pé fáwẹ́lì rẹ̀ ń yí padà tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, "pa á", "bà á", "fọ́ ọ". Ọmọ kò gbọ́dọ̀ máa wá ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti di kíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n hùn ún láìla ẹnu, ní dò, re, mí. Híhùn yìí kì í ṣe eré: òun ló ń ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀, tí etí fi lè gbọ́ ọ. Kí wọ́n wá fi àmì sí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, kí wọ́n sì pín gbólóhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí agbo méjì. Orí àti òtútù á bọ́ sí agbo kan, pẹ̀lú "mi" olóhùn àárín. Àwọn mẹ́rin tó kù á bọ́ sí èkejì, pẹ̀lú "mí".

Ìbéèrè tó kàn ni, "Kí ni méjì wọ̀nyí fi jọra, tí mẹ́rin yẹn kò ní?" Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà yóò kọ́kọ́ jáde, ó sì yẹ kí ẹ ti retí rẹ̀. Ẹnìkan lè ní àìsàn ni orí fífọ́ àti òtútù, pé ebi àti oorun kì í ṣe àìsàn. Ọmọ náà ronú. Ẹ má sọ fún un pé ó kùnà. Ẹ fún un ní gbólóhùn mẹ́ta tí olùwà wọn jẹ́ ọ̀kan náà, kó fi dán èrò rẹ̀ wò: "Bàbá kí mi. Bàbá bi mí. Bàbá pè mí." Kò sí àìsàn níbẹ̀, síbẹ̀ ohùn yí padà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ju èrò náà nù, ojú kíláàsì yóò sì kúrò lára olùwà, á wá sórí ọ̀rọ̀-ìṣe. Ọgbọ́n pàtàkì inú iṣẹ́ yìí nìyẹn: àpẹẹrẹ ni kó dá ọmọ lóhùn, kì í ṣe ẹnu olùkọ́.

Èrò kejì tó sábà máa ń wá dára gan-an: "Arọ́pò-orúkọ kì í gba ohùn kan náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú rẹ̀." Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni fún gbogbo gbólóhùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Olùkọ́ tí kò múra á pàtẹ́wọ́, á sì dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò tíì pé. Lẹ́yìn ohùn ìsàlẹ̀, ohùn méjì ló ṣẹ́ kù. Èwo ni kí a mú? Ẹ kọ "Ẹ̀rù ń bà mi" pẹ̀lú ohùn àárín, kí ẹ kà á sókè bó ṣe wà. Gbogbo kíláàsì ni yóò kọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti dé ibi tí à ń lọ: ohùn àárín lẹ́yìn ohùn òkè, ohùn òkè lẹ́yìn àwọn yòókù.

Ẹ má tíì gbà á. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta tí wọn kò tíì rí, "Wọ́n gbé wa", "Wọ́n fi wa sílẹ̀", "Wọ́n tàn wa jẹ", kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin wọn ní kí "wa" gbà, kí wọ́n tó kà á. Wọn yóò rí wa, wá, wá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé "yin" kalẹ̀. Òfin wọn á ní "Orí ń fọ́ yin", etí wọn á ní rárá, "yín" ni. Ohùn òkè ni "yín" máa ń jẹ́ níbi gbogbo, òun nìkan ló yapa, ó sì dára kí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sábẹ́ òfin.

Ìgbà yìí ni olùkọ́ yóò wá sọ òfin náà ketekete, pẹ̀lú "arọ́pò-orúkọ", "àbọ̀" àti "sílébù", tí gbogbo wọn á dà á kọ. Àwọn tó ń fo ìpele yìí rò pé sísọ òfin ń ba ìwárí jẹ́. Lójú tèmi, fífò ó ló ń bà á jẹ́: ọmọ tó rí òfin á lọ sílé láìní ọ̀rọ̀ tó fi lè gbá a mú, ẹni tí kò sì rí i á lọ lọ́wọ́ òfo. Nínú ogójì ìṣẹ́jú tí à ń lò fún iṣẹ́ kan, kí ìwárí má kọjá bí ogún, kí àyè lè wà fún ìdánrawò àmì ohùn lórí ìwé.

Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé ọmọ kan tó já fáfá á dáhùn, àwọn yòókù á gbè é. "Ṣé ó yé yín?" kò lè tú àṣírí yẹn, gbogbo wọn á ní "Ó yé wa!" (Ẹ gbọ́ ohùn "wa" yẹn, gbólóhùn náà pẹ̀lú jẹ́ àpẹẹrẹ.) Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìdáhùn tirẹ̀ sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ rìn yíká, kí ẹ wò ó. Bí ìdajì kíláàsì bá ṣi "wa" kọ, wọn kò tíì rí òfin, ẹ padà sórí híhùn.

Ọ̀nà yìí kò wà fún gbogbo ọmọ. Ní New Zealand, Rosemary Erlam fi ọ̀nà méjèèjì kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní arọ́pò-orúkọ àbọ̀ nínú èdè Faransé, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2003: àwọn tó gbọ́ òfin ṣáájú ló ṣe dáadáa jù. Kò yà mí lẹ́nu. Èdè àjèjì ni Faransé fún wọn, wọn kò ní etí tí yóò kọ gbólóhùn tí kò dára, kò sì sẹ́ni tó sọ òfin fún àwọn tó ń wá a. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nílé, tàbí ọmọ Ìgbò inú kíláàsì yín l'Ékòó. "Ẹ̀rù ń bà mi" kò ní dún wọn létí bí àṣìṣe. Fún irú wọn, ẹ fi àmì sí gbogbo gbólóhùn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi ojú wá a dípò etí, tàbí kí ẹ sọ òfin náà fún wọn, kí ẹ sì lo àkókò fún àpẹẹrẹ púpọ̀.

Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yìí wọ kíláàsì, ẹ fi gbólóhùn mẹ́fà yín lọ akẹgbẹ́ kan tí kò mọ òfin tí ẹ fẹ́ kọ́. Kó ka wọ́n, kó sì sọ ohun tó rí. Bó bá rí òfin mìíràn tó bá gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mu, ẹ fi gbólóhùn kan kún un, èyí tí yóò já òfin náà, kí ẹ tó lọ.