Wọ́n Ní Kò Lópin: Níbo Ni Òpin Náà Wà?

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni àbúrò mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn. Aṣọ ló ń tà, àǹkárá àti léèsì, ó sì ní ìkànnì kan tí àwọn oníbàárà ti ń yan èyí tó bá wù wọ́n. Léèsì tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó fẹ́ gbé àwòrán rẹ̀ síbẹ̀, kò gbà. Ímeèlì àwọn oníbàárà kò sì wọlé mọ́. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Ṣebí èyí tí wọ́n kọ `Unlimited` sí ni mo sanwó fún?"

Lóòótọ́, ohun tí wọ́n kọ sára ètò tó rà nìyẹn. Mo wọ inú cPanel, ojú ewé tí èèyàn ti ń ṣàkóso ìkànnì rẹ̀. Níwájú `Disk Usage`, ìyẹn àyè ìkẹ́rùsí, gígábáìtì 11 péré ló ti lò, àmì aláìlópin, `∞`, sì wà níwájú rẹ̀. Bákan náà ni ti `Bandwidth`. Àmọ́ nísàlẹ̀ wọn, níwájú `File Usage`, ohun tí mo rí ni `250,000 / 250,000`. Ibẹ̀ ni òpin náà fara pamọ́ sí.

Nínú ìwé àdéhùn, `inode` ni wọ́n máa ń pe ìkà yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni iye fáìlì àti fódà tó wà lórúkọ rẹ. Bí ó ti wù kí fáìlì kéré tó, ọ̀kan ni wọ́n kà á sí. Fídíò ńlá kan, ọ̀kan ni. Ímeèlì tí kò ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ, ọ̀kan náà ni. Nítorí náà, àyè lè ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ kí iye fáìlì sì ti pé.

Báwo ni ẹni tó ń ta aṣọ ṣe ní ìdá mẹ́rin mílíọ̀nù fáìlì? A jókòó, a kà á. Aṣọ 1,200 ló wà lórí ìkànnì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán mẹ́rin, ó di 4,800. Ṣùgbọ́n WordPress tó fi kọ́ ìkànnì náà kì í fi àwòrán sílẹ̀ bí a ṣe gbé e wọlé. Ó máa ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, kékeré fún fóònù, ńlá fún kọ̀ǹpútà. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, àwòrán kan di fáìlì mẹ́sàn-án, àpapọ̀ sì di 43,200. Ímeèlì ọdún mẹ́rin tí kò pa rẹ́ rí jẹ́ nǹkan bíi 61,000. WordPress fúnra rẹ̀ àti àwọn ohun tó fi kún un gba 25,000. Ẹ̀dà ìkànnì àtijọ́ kan tí ẹni tó kọ́ ọ gbàgbé síbẹ̀ gba 30,000. Àwọn tó kù, tí wọ́n lé ní 90,000, jẹ́ káàṣì, ìyẹn àwọn ojú ewé tí ìkànnì ti sè sílẹ̀ kí ó lè tètè gbé wọn fún àlejò.

Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ fi ń ṣe báyìí? Ẹ wo ilé kan tí yàrá rẹ̀ jẹ́ ogún, tí kànga kan ṣoṣo sì wà lágbàlá. Baba onílé ní kí kálukú fa omi bó ṣe wù ú. Kò parọ́, torí ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ayálégbé kò ní fà ju garawa mẹ́ta lọ lóòjọ́. Àmọ́ bí ẹnì kan bá gbé ọkọ̀ táńkà dé, baba á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Sáfà náà nìyẹn: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìkànnì lè jọ wà lórí ẹyọ kan. Ilé iṣẹ́ lè yọ òǹkà kúrò lára ohun tí ìkànnì kékeré kì í lò tán, kí ó sì fi sára ohun tó lè dí àwọn ará ilé yòókù lọ́wọ́.

Báńdíwíìdì ni àpẹẹrẹ tó rọrùn jù. Òun ni iye dátà tó ń jáde láti ìkànnì lọ sọ́dọ̀ àlejò lóṣù. Bí ojú ewé kan bá jẹ́ mẹ́gábáìtì 2, tí èèyàn 300 bá wá lóòjọ́, tí kálukú sì ṣí ojú ewé mẹ́rin, mẹ́gábáìtì 2,400 nìyẹn lọ́jọ́ kan. Lọ́gbọ̀n ọjọ́, ó di gígábáìtì 72. Bí ètò kan bá fún ọ ní gígábáìtì 100 tó hàn gbangba, ó tó ọ. O kò nílò àìlópin rárá.

Òǹkà kejì tó ń fara pamọ́ ni `Entry Processes`: iye iṣẹ́ tí ìkànnì rẹ lè máa ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ogún ni ti àbúrò mi. Èyí kò túmọ̀ sí àlejò ogún. Bí ìkànnì bá ń parí iṣẹ́ kan láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, àyè ogún náà lè parí ogójì iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá lọ́ra, tí iṣẹ́ kan ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, márùn-ún péré ló lè parí. Ká ní ó fi ìkéde ẹ̀dínwó ránṣẹ́ lórí Wáàtsáàpù, tí èèyàn 500 sì tẹ̀ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan, bíi mẹ́jọ ni yóò máa dé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìkànnì tó yá á gbé e. Èyí tó lọ́ra á gbé `508 Resource Limit Is Reached` síwájú oníbàárà. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ yìí, má ṣe rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́. Òpin rẹ lo kàn.

Nítorí náà, kí o tó sanwó, má ṣe dúró lórí ojú ewé ìpolówó. Lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣí `Terms of Service` àti `Acceptable Use Policy`. Tẹ Ctrl àti F, kí o wá `inode`, lẹ́yìn náà `processes`, lẹ́yìn náà `backup`. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ṣe pàtàkì, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan kọ ọ́ pé tí fáìlì rẹ bá ti kọjá iye kan, àwọn kò ní ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ fún ọ mọ́. Òmíràn fòfin de fífi àyè náà ṣe ilé ìkẹ́rùsí. Bí o kò bá rí òǹkà kankan, kọ̀wé béèrè, kí o sì tọ́jú èsì wọn.

Ẹni tó ti ní ìkànnì lè ka fáìlì tirẹ̀. Ṣí `Terminal` nínú cPanel, kí o tẹ èyí:

```
find ~ | wc -l
```

Òǹkà tó bá jáde ni kí o fi wé ti ìwé àdéhùn.

Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ti ní kí àbúrò mi ra ètò tó wọ́n jù. Kò rà á. A gbé ẹ̀dà àtijọ́ náà lọ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, a pa á rẹ́ lórí sáfà, a sì nu káàṣì. Fáìlì rẹ̀ já wá sí nǹkan bíi 130,000, ímeèlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, léèsì sì hàn lórí ìkànnì kí ọjọ́ Iléyá tó pé. Kò sí sáfà tí kò lópin. Ètò tó kọ òǹkà rẹ̀ síta fún ọ láti kà sàn ju èyí tó kọ `Unlimited` lọ.