Bátìrì Tó Wú Lábẹ́ Ìrọ̀rí

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bí iná bá dé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lóru, gbogbo wa la máa ń sáré so fóònù àti páwà báǹkì mọ́ iná, tí a ó sì jù ú sórí bẹ́ẹ̀dì. Ti ẹlòmíràn tilẹ̀ ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Nínú bátìrì lítíọ́mù, irin pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n ká pọ̀ bí ẹní. Awọ ọ̀rá kan tí kò nípọn tó irun orí ló là wọ́n láàárín, omi kẹ́míkà tó ń gbaná bí epo sì rin ín. Bí awọ náà bá ya, irin méjèèjì á kanra, ibẹ̀ á sì gbóná lójijì. Bí ooru bá tó nǹkan bí 130 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, awọ tó kù á yọ́, ooru á wá máa bí ooru, títí iná á fi sọ.

Ẹ rántí fóònù Sámúsọ̀ngì Gáláàsì Nóòtì 7. Oṣù kẹjọ ọdún 2016 ló jáde. Ní oṣù kẹsàn-án wọ́n ti ń gbà á padà nítorí pé ó ń jóná. Wọ́n fi bátìrì iléeṣẹ́ mìíràn sí i, ó tún ń jóná, ni wọ́n bá pa á tì ní oṣù kẹwàá. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n ṣàlàyé ohun tó fà á. Nínú bátìrì àkọ́kọ́, àyè há ní igun kan, irin inú rẹ̀ sì tẹ̀. Nínú èkejì, ibi tí wọ́n jó irin pọ̀ yọ ṣóńṣó, ó sì gún awọ náà. Bí ti olówó iyebíye bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa páwà báǹkì tí a rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà?

Àmì tó yẹ ká máa wò ni wíwú. Ẹ gbé e sórí tábìlì: bí ó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, tàbí tí ojú fóònù bá ń ṣí kúrò lára rẹ̀, gáàsì ti kún inú rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má sì fi iná sí i mọ́. Èyí tó ti já bọ́ lulẹ̀ gidi náà, ẹ máa ṣọ́ ọ. Orí sìmẹ́ńtì lásán ló yẹ ká ti máa fi iná sí wọn, nígbà tí ojú wa ṣì là, nítorí tìmùtìmù kì í jẹ́ kí ooru jáde, òun fúnra rẹ̀ sì ń jó.

Bí ó bá ń rú èéfín, ẹ pa iná ojú ògiri, kí ẹ sì da omi púpọ̀ lé e lórí kó lè tutù. Májèlé ni èéfín náà, ẹ má fà á símú. Bí ó bá jẹ́ ti sukútà oníná, ẹ má bá a jà rárá. Ẹ jáde, ẹ kígbe fún àwọn ará yàrá tó kù. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi iná sí sukútà sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ní. Èyí tó jóná tán pàápàá lè tún gbiná lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nítorí náà ìta gbangba ni kó sùn.