Ta ló ni làádà? Ohun tí ọ̀rọ̀ Honey jẹ́ fún ẹni tó fẹ́ máa ṣàyẹ̀wò ẹrù ilé ní Òkè-Ìléwó

Ní oṣù Kejìlá 2024, MegaLag, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé fídíò sórí YouTube, tú iṣẹ́ Honey, àfikún bùráúsà tó ń wá kóòdù ẹ̀dínwó, palẹ̀, ariwo ńlá sì tẹ̀lé e. Ẹ ti gbọ́ pé PayPal ló ra Honey ní 2020, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 4 dọ́là. Ẹ sì ti gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe fídíò pe ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní Honey ń gba làádà tó yẹ kó jẹ́ tiwọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn sáré kọjá ni pé Honey kò fọ́lé ẹnikẹ́ni. Ìlànà kan tó ti wà tipẹ́ lábẹ́ gbogbo iṣẹ́ alágbàtà orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló lò. Ọ̀dọ́mọdé tó bá ṣí búlọ́ọ̀gù kékeré lónìí ní Abẹ́òkúta, tó ń sọ fún àwọn ènìyàn irú fáànù tàbí bùlẹ́ńdà tó dára, abẹ́ ìlànà yẹn gan-an ló wà. Ẹni tí òǹrajà bá tẹ líǹkì rẹ̀ kẹ́yìn ló ni owó.

Ṣíṣí irú búlọ́ọ̀gù bẹ́ẹ̀ kò le. Blogger kò gba kọ́bọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ orúkọ tara rẹ̀ lè ra èyí tó parí sí .com.ng. Ó máa kọ àyẹ̀wò mélòó kan sórí rẹ̀ kó tó lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbàtà, nítorí Amazon máa ń wo ojú ìkànnì náà kó tó gbà á. Tí kò bá sì rí ọjà 3 tà láàárín ọjọ́ 180, wọ́n á ti àkáǹtì náà. Fún òǹkàwé tó wà nílé níbí, Jumia ló wúlò jù, nítorí owó tí wọ́n ń san láti gbé fáànù kan wá láti Amẹ́ríkà lè ju owó fáànù fúnra rẹ̀ lọ. Amazon dára fún òǹkàwé tó wà lókè òkun. Kò sí èyí tó ń gba owó ìforúkọsílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí, ilé ìtajà yóò fún alágbàtà ní àmì tirẹ̀, òun yóò sì fi àmì náà sínú líǹkì tó bá gbé sábẹ́ àyẹ̀wò. Lórí ìkànnì Amazon, ó máa ń rí báyìí:

```html
<a href="https://www.amazon.com/dp/NOMBA?tag=okeilewo-20" rel="sponsored">Wo iye owó rẹ̀</a>
```

`tag` ni àmì alágbàtà. `rel="sponsored"` ń sọ fún Google pé líǹkì tí owó wà nídìí rẹ̀ nìyí. Google ló mú un jáde ní 2019, kò sì yẹ kí a fò ó.

Ìgbà tí òǹkàwé bá tẹ líǹkì yìí ni iṣẹ́ tó wù mí láti ṣàlàyé bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtajà yóò rí àmì náà, yóò sì ní kí bùráúsà òǹkàwé fi í pamọ́ sínú fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kúkì. Lou Montulli ló ṣe kúkì ní ilé-iṣẹ́ Netscape ní 1994, kí ìkànnì lè rántí ẹni tó ti wá tẹ́lẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Keje 1996, Amazon bẹ̀rẹ̀ ètò alágbàtà tirẹ̀. Bí a bá yọ ọ̀ṣọ́ kúrò lára àṣẹ tí ilé ìtajà fi ránṣẹ́, ohun tó máa kù kò ju èyí lọ:

```
Set-Cookie: alagbata=okeilewo; Max-Age=86400
```

Nọ́ńbà ìparí yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá, wákàtí 24 ló sì jẹ́. Iye àkókò tí Amazon fún alágbàtà nìyẹn. Tí òǹkàwé bá ti gbé ọjà náà sínú apẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, àyè rẹ̀ gùn dé ọjọ́ 90. Ẹ kíyè sí i pé ìlà kan péré ni àmì yìí, orúkọ kan péré ló sì gbà. Tí àṣẹ mìíràn bá dé pẹ̀lú `alagbata=elomiran`, bùráúsà kò ní kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Yóò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, yóò sì kọ tuntun sípò rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni Honey ti wọlé. Àfikún orí bùráúsà ni, ó ń bá àwọn ènìyàn wá kóòdù ẹ̀dínwó. Tí òǹrajà bá ti dé ojú ibi ìsanwó, Honey yóò yọ jáde. Fídíò MegaLag fi hàn pé bí òǹrajà bá ti tẹ bọ́tìnnì Honey, ojú-ewé mìíràn yóò ṣí ní kọ̀rọ̀, yóò gbé àmì Honey wá, àmì ẹni tó fi òǹrajà mọ ọjà náà yóò sì pa rẹ́. Ó ní èyí ń ṣẹlẹ̀ kódà nígbà tí Honey kò bá rí ẹ̀dínwó kankan, tí òǹrajà kàn tẹ bọ́tìnnì láti lé e kúrò lójú. Ìdáhùn PayPal ni pé Honey ń tẹ̀lé ìlànà tí gbogbo ilé-iṣẹ́ inú òwò náà ń tẹ̀lé, pé ẹni tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn ló ni làádà. Òótọ́ ni pé ìlànà náà wà. Ohun tó ń dùn mí nípa ìlànà náà nìyẹn. Ní oṣù Kẹta 2025, Google yí òfin rẹ̀ padà: àfikún orí Chrome kò gbọdọ̀ fi líǹkì alágbàtà sínú ọjà mọ́ tí kò bá ṣe òǹrajà ní àǹfààní tó ṣeé fojú rí, òǹrajà fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó mú líǹkì náà wọlé.

Kì í ṣe Honey ló máa kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ oníbúlọ́ọ̀gù wa o. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé rẹ̀ wà, àfikún bùráúsà kò sì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ká ní Ìyá Bọ́lá rí àyẹ̀wò fáànù oníṣáàjì kan lórí Facebook ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ó sì tẹ líǹkì rẹ̀. Facebook kì í sábà gbé e lọ sí Chrome. Inú bùráúsà tó wà nínú Facebook fúnra rẹ̀ ló máa ṣí i sí, ibẹ̀ ni kúkì náà sì máa dúró. Nígbà tí owó bá dé ní Ọjọ́rú, tí Ìyá Bọ́lá ṣí Chrome, tó tẹ orúkọ fáànù náà, ilé ìtajà kò ní rí àmì ẹnikẹ́ni lára rẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé áàpù ilé ìtajà ló lọ ṣí fúnra rẹ̀, ó ṣòro kí àmì náà bá a débẹ̀. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù ni kó ka àyẹ̀wò náà tán, kó jáde sí Òkè-Ìléwó, kó wọ ṣọ́ọ̀bù, kó dúnàádúrà, kó sì gbé fáànù lọ sílé. Àyẹ̀wò ti ṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí kọ́bọ̀ kan tó máa wọlé fún ẹni tó kọ ọ́.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí owó ti ń jò. Amazon ń gba alágbàtà láàyè láti ní ju àmì kan lọ. Kó lo ọ̀kan fún líǹkì tó bá gbé sórí Facebook, òmíràn fún WhatsApp, òmíràn fún inú búlọ́ọ̀gù gan-an. Tí títẹ̀ bá pọ̀ lábẹ́ àmì Facebook tí ọjà kò sì sí, tí ti WhatsApp, tó sábà máa ń ṣí líǹkì sí bùráúsà gan-an, sì ń mú ọjà wá, a jẹ́ pé kúkì ló ń há sínú Facebook. Kì í ṣe àyẹ̀wò ló burú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àpẹẹrẹ. Fáànù náà jẹ́ ₦50,000, làádà rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 4 nínú 100, ìyẹn ₦2,000. Ènìyàn 1,000 ka àyẹ̀wò, 60 tẹ líǹkì, 3 béèrè ọjà. Ọ̀kan nínú wọn yàn láti sanwó nígbà tí ọjà bá dé. Nígbà tí ọjà dé, kò sí nílé, ọjà náà sì padà. Làádà ọjà tí kò bá dé ọwọ́ òǹrajà kì í dúró, nítorí náà ₦4,000 ló kù. Ìdá làádà pàápàá kò dúró lójú kan. Ní oṣù Kẹrin 2020, Amazon gé ti àga, tábìlì àti ohun èlò àtúnṣe ilé láti 8 sí 3 nínú 100 lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí pé títẹ̀ ìkẹ́yìn ni wọ́n ń sanwó fún, àyẹ̀wò tó ń mówó wá ni èyí tí ènìyàn ń kà nígbà tó ti fẹ́ sanwó tán, tí ìbéèrè kan ṣoṣo ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wá "fáànù tó dára" ṣì ń rìn kiri ni. Ẹni tó ń wá iye wákàtí tí fáànù kan pàtó ń lò tí iná kò bá sí, owó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ṣeé dáhùn nílé. Ká ní páálí sọ pé wákàtí 8. Ẹ wo bátìrì rẹ̀: tí wọ́n bá kọ 12V 7Ah sí i lára, agbára inú rẹ̀ jẹ́ 84 Wh. Tí fáànù bá ń jẹ wáàtì 15 nígbà tó bá ń sáré jù, ìṣirò lórí ìwé jẹ́ wákàtí 5 àti díẹ̀, bátìrì olójé kì í sì í fún ni tó ohun tó wà lórí ìwé tí a bá ń fà á kíákíá. Ó ṣeé ṣe kí wákàtí 8 páálí jẹ́ òótọ́ nígbà tó bá ń rọra yí. Kí oníbúlọ́ọ̀gù ṣáàjì rẹ̀ kó kún, kó tàn án dé ìpele tó ga jù, kó kọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀, kó sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan. Bátìrì olójé tí wọ́n ń lò gbẹ léraléra, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ láìṣáàjì, ń yára bàjẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìdánwò méjèèjì ni òǹrajà Abẹ́òkúta fẹ́ mọ̀, kò sì sí lára páálí. Kó ya àwòrán ara bátìrì náà, kó gbé líǹkì sábẹ́ àbájáde ìdánwò gan-an, kó sì kọ ọ́ ní gbangba lókè ojú-ewé pé òun ń gba làádà.

Ní tèmi, mo rò pé ìlànà títẹ̀ ìkẹ́yìn kò tọ́ sí ẹni tó ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò, nítorí ó ń san ẹ̀san fún ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ìjáde. Ṣùgbọ́n n kò rò pé pípín owó láàárín gbogbo ẹni tí wọ́n tẹ̀ máa gba oníbúlọ́ọ̀gù kékeré là. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ìpolówó rẹ̀ wà níbi gbogbo ló ṣeé ṣe kó kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òfin kan wà tó sàn jù lójú mi, tí àwọn ètò alágbàtà kan sì ti ní: àfikún bùráúsà gbọ́dọ̀ yẹra tó bá rí i pé líǹkì alágbàtà mìíràn ló gbé òǹrajà wá. Kí ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ wá òfin yẹn nínú ìwé àdéhùn kó tó fọwọ́ sí i, kó sì wo iye ọjọ́ tí wọ́n fún kúkì lójú-ewé kan náà.