Ibi Tí Àṣẹ Ìdádúró Wà Nígbà Tí Iná Bá Lọ

Bí iná bá lọ nígbà tí òwò yúrò sí dọ́là ẹni ṣì wà ní ṣíṣí, ọjà kì í dúró de ẹni tó ń wá epo sí jẹnẹrétọ̀. Bí àdánù yóò ṣe pọ̀ tó wà lọ́wọ́ ibi tí àṣẹ ìdádúró ń gbé: ṣé inú kọ̀ǹpútà ilé ni, àbí ọ̀dọ̀ alágbàtà tó ń bá wa gbé òwò náà? Lórí MetaTrader 5, oríṣi méjèèjì ló wà, wọ́n sì jọra lójú gan-an.

Stop Loss ni iye tí a kọ sílẹ̀ pé bí ọjà bá dé ibẹ̀, kí wọ́n ti òwò náà pa. Ọ̀dọ̀ alágbàtà ló ń gbé. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kú fin-ín, yóò ṣiṣẹ́ rẹ̀. Trailing Stop ni èyí tó ń tẹ̀ lé ọjà bó ṣe ń gòkè, kí èrè tó ti wọlé má baà padà jáde. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ètò orí kọ̀ǹpútà ẹni gan-an ló ń sún un. Bí iná bá lọ, kò sẹ́ni tí yóò sún un mọ́.

Ká ní ẹnìkan n'Íbàdàn ra EURUSD ní 1.0850, ìwọ̀n 0.10. Ní ìwọ̀n yìí, píìpù kọ̀ọ̀kan jẹ́ dọ́là 1. Ó fi Trailing Stop píìpù 30 sí i, ó wá fi àyè Stop Loss sílẹ̀ lófìfo, torí ó rò pé ọ̀kan ti tó. Ibẹ̀ ni ewu wà. MetaTrader kì í fi ìdádúró kankan ránṣẹ́ sí alágbàtà títí èrè yóò fi pé píìpù 30. Bí iná bá lọ nígbà tí ọjà wà ní 1.0865, kò sí ohunkóhun tó ń ṣọ́ òwò náà. Bí ọjà bá já sí 1.0750 lóru, dọ́là 100 ti lọ nìyẹn, ó sì lè máa jábọ̀ lọ.

Ká tún wò ó bóyá ọjà ti dé 1.0890 kí iná tó lọ. Nígbà náà, ìdádúró ti sún dé 1.0860, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà lọ́dọ̀ alágbàtà. Bí ọjà bá gòkè dé 1.0930 nínú òkùnkùn kó tó já wálẹ̀, èrè tí ì bá jẹ́ dọ́là 50 di dọ́là 10. Ó dunni, àmọ́ owó tó fi bẹ̀rẹ̀ ṣì wà.

Nítorí náà, ẹ kọ Stop Loss sínú fèrèsé kan náà tí ẹ fẹ́ fi ra, kí ẹ tó tẹ Buy. Ẹni tó ní òun á padà wá kọ ọ́ ti ṣí àyè sílẹ̀ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti já láàárín méjèèjì. Ká ní 1.0810 ni, àdánù tí a ń retí jẹ́ dọ́là 40. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ àkáǹtì yẹn kan náà lórí fóònù pẹ̀lú dátà. Bí 1.0810 bá hàn níbi S/L, ọkàn yín lè balẹ̀, torí fóònù kì í gba ìròyìn lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà ilé.

Ìkìlọ̀ iye owó náà nílò ibùgbé tó dáa. Èyí tí ẹ bá ṣe sórí MetaTrader ti kọ̀ǹpútà máa ń kú pẹ̀lú rẹ̀. Ti TradingView ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tiwọn, ó sì máa ń dún lórí fóònù. Ẹ fi í sí 1.0830, kó jí yín kí ìdádúró tó kàn. Ṣùgbọ́n kó lè dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, Íńtánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà sì fara gbá. Ẹ má fi ìkìlọ̀ rọ́pò ìdádúró láé. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì padà dé lẹ́yìn tí àṣẹ kan há, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn òwò tó wà ní ṣíṣí, kí ẹ má baà rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdádúró fúnra rẹ̀ kò lè ṣèlérí iye. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2015, ilé ìfowópamọ́ àgbà Switzerland ṣàdédé yọ ọwọ́ kúrò nínú 1.20 fáráǹkì tó ti fi ṣe ìpìlẹ̀ fún yúrò kan. Ọjà jábọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdádúró púpọ̀ sì ṣiṣẹ́ jìnnà sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Irú rẹ̀ kékeré máa ń ṣẹlẹ̀ lóru ọjọ́ Àìkú tí ọjà bá ṣí: ìdádúró 1.0810 lè ṣiṣẹ́ ní 1.0780, kí dọ́là 40 di 70. Bí ẹ bá fẹ́ gbé òwò kọjá òpin ọ̀sẹ̀, ẹ dín in kù sí 0.05 ní ọjọ́ Ẹtì. Àlàfo kan náà yóò gba dọ́là 35.