Kí Ni Ó Wà Nínú Àkọsílẹ̀ Tí Wọ́sáàpù Ní Nípa Yín?

Ní ọjà Ọ̀yìngbò, ọ̀pọ̀ ọjà ni a ti ń ná lórí Wọ́sáàpù kí oníbàárà tó dé ìsọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ìyá ẹlẹ́ja kan ta páálí ẹja mẹ́ta láwìn, tí oníbàárà wá ń sẹ́ gbèsè, tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ sì ti parẹ́ lórí fóònù ìyá. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé èèyàn lè béèrè àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ Wọ́sáàpù. Ṣé ẹ̀rí náà yóò wà níbẹ̀?

Bíbéèrè kò le. Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ Account, ẹ tẹ Request account info, kí ẹ sì tẹ Request report. Ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta kí fáìlì náà tó délẹ̀, kò sì ní pẹ́ títí lórí ẹ̀rọ wọn; ojú fóònù yóò sọ ọjọ́ tí yóò kúrò. Bí ẹ bá pa àkáǹtì rẹ́ tàbí yí nọ́ńbà padà láàárín àkókò náà, ìbéèrè yín ti já sófo.

Ohun tí ẹ óò bá níbẹ̀ ni nọ́ńbà yín, àwòrán yín, irú fóònù tí ẹ ń lò, àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi wọlé, orúkọ àwọn gúrúùpù yín, nọ́ńbà àwọn èèyàn yín, àti àwọn tí ẹ ti dí lọ́nà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ẹnikẹ́ni sọ kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé a máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti iṣẹ́ tí a rán láti orí fóònù kan dé èkejì, bí ó bá sì ti dé, Wọ́sáàpù kì í tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀dà tí ìyá ẹlẹ́ja ń wá lè wà ní ibi méjì. Àkọ́kọ́ ni fóònù ẹlòmíràn tó wà nínú ìjíròrò náà; ibẹ̀ ni a ti lè ṣí ìjíròrò, kí a tẹ Export chat. Èkejì ni ẹ̀dà ìpamọ́ tirẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí a ṣe é, nínú Chat backup. Bí ọjọ́ náà bá ṣáájú ìparẹ́, kí ó dá ìpamọ́ aládàáṣe dúró ná, nítorí ẹ̀dà tuntun lè gba ipò ti àtijọ́. Kí ó sì mọ̀ pé bí ó bá dá ẹ̀dà àtijọ́ padà, àwọn ọ̀rọ̀ tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ lè sọnù.

Àkọsílẹ̀ náà ṣì wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ gúrúùpù tí a fi orúkọ rẹ̀ sí. Abala 34 Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 pẹ̀lú fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà dátà wa. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àwọn ẹlòmíràn wà nínú fáìlì náà. Ẹ má ṣe ṣí i lórí kọ̀ǹpútà ìta, ẹ má sì fi ṣọwọ́ sí ẹnikẹ́ni.