Ṣẹ́ẹ̀tì Méjìlá Lórí Tábìlì Télọ̀

Ká sọ pé iléèwé kan gbé iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì 12 fún télọ̀ kan tí kò ní ọmọọṣẹ́. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn. Ṣé kí ó gé gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ó rán gbogbo rẹ̀ pọ̀, àbí kí ó rán ọ̀kan parí kó tó fọwọ́ kan ìkejì?

Ìpele mẹ́rin ló wà níbẹ̀: gígé, rírán, ihò bọ́tìnnì àti lílọ̀. Kí ìṣirò má baà le, ká fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú 10 lórí ṣẹ́ẹ̀tì kan. Ohun tí a kì í sábà kà mọ́ ọn ni ìpalẹ̀mọ́. Kó tó gé aṣọ, ó ní láti palẹ̀ tábìlì mọ́, kó wá ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì. Kó tó dá ihò bọ́tìnnì, yóò pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, yóò sì dán an wò lórí àkísà. Áyọ́ọ̀nù náà gbọ́dọ̀ gbóná. Ká ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìpalẹ̀mọ́ máa ń gbà nígbàkígbà tó bá ti ìpele kan bọ́ sí òmíràn.

Bó bá ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà 48 ni yóò palẹ̀ mọ́. Wákàtí mẹ́rin gbáko nìyẹn, láìtíì ka iṣẹ́ gan-an tó jẹ́ wákàtí mẹ́jọ. Bó bá ṣe é pọ̀, ìgbà mẹ́rin péré ni, ìṣẹ́jú 20, yóò sì parí ní wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 20. Ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Kò tíì tán. Ẹni tó ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ní ṣẹ́ẹ̀tì kan tó pé lọ́wọ́ láàárín wákàtí kan. Ẹni tó kó wọn pọ̀ kò ní í rí ẹyọ kan tó pé títí wákàtí mẹ́fà àbọ̀ yóò fi kọjá. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ ní wákàtí kẹfà, ẹni àkọ́kọ́ ti ní mẹ́fà tó ṣeé kó fún iléèwé. Ẹnì kejì ní 12 tí kò sí èyí tó ṣeé wọ̀ nínú wọn.

Àṣìṣe ló tilẹ̀ ń dá mi lóró jù. Ká ní ó gé kọ́là kéré. Bóyá ìgbà tó bá ń dá ihò bọ́tìnnì ọrùn ni yóò tó rí i pé kò pàdé. Bó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe, kọ́là kan ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ká aṣọ léra, tó fi sísọ́ọ̀sì gé e lẹ́ẹ̀kan, gbogbo 12 ló bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí èmi fi gbà pé kí àkọ́kọ́ máa dá lọ, kí ó parí pátápátá, kí ẹnì kan wọ̀ ọ́ wò, kí a tó gé ìyókù.

Ọ̀nà àárín sì wà. Bó bá ń ṣe é ní mẹ́rin mẹ́rin, ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ jẹ́ wákàtí kan péré, yóò sì parí ní wákàtí mẹ́sàn-án. Ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin á ti jáde ní wákàtí kẹta. Ìṣẹ́jú 40 ló fi ra ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn, kò sì wọ́n lójú tèmi.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn fúnra rẹ̀, ta ló ní kò ṣeé dín kù? Ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ Tóyótà ní Japaanu nìyí. Ẹ̀rọ ńlá tí ń tẹ irin ara ọkọ̀ máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí láti pààrọ̀ mọ́ọ̀dù, nítorí náà òkìtì irin kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó yí i padà. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Ṣigeo Ṣingo, bá wọn ya ohun tí wọ́n lè ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó pọn dandan kí ẹ̀rọ dúró kí wọ́n tó ṣe é. Ìpààrọ̀ tí ń gba wákàtí wá di ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú, ó sì wá bọ́gbọ́n mu láti tẹ díẹ̀díẹ̀. Télọ̀ wa náà lè ní áyọ́ọ̀nù tó ń gbóná lọ́wọ́ nígbà tó ń dá ihò tó kẹ́yìn.

Kò sì pọn dandan kí ìpele gbogbo gba ọ̀nà kan. Ẹ wo aṣọ ẹbí oṣù Kejìlá: ara oníkálukú yàtọ̀, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gé e pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀. Àwọ̀ òwú kan náà ni gbogbo wọn ń gbà, torí náà tí wọ́n bá ti fi òwú yẹn sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á rán èyí tó wà nílẹ̀ pọ̀, pẹ̀lú bébà orúkọ tí wọ́n fi pín-ìnnì so mọ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kí apá aṣọ Ìyá Bísí má baà lọ bá ara aṣọ Ìyá Táíwò.